Bí “Ẹ Kú Àárọ̀” Ṣe Di “Ẹ Káàárọ̀”

Púpọ̀ nínú ìkíni Yorùbá ló ní “kú” nínú, tí orúkọ àsìkò, iṣẹ́ tàbí ipò tí ẹni tí à ń kí wà a sì tẹ̀ lé e: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ewu, ẹ kú àbọ̀. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ikú ló wà nínú “kú” yìí, nítorí náà wọn kì í fẹ́ kí a kí wọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ó kí mi kú ewu.” Ọ̀rọ̀ ìṣe “kí” ń sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe, “kú” sì jẹ́ ara ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹni tí orí kó yọ lọ́wọ́ ikú gan-an la sì ń kí báyẹn. Ìró àti ohùn “kú” ti ìkíni àti “kú” ti ikú bára mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀.

“Kú” yìí hàn gbangba létí àjèjì tó bẹ́ẹ̀ tó fi di orúkọ ènìyàn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun lọ sí Sàró, Akú ni àwọn tó bá wọn gbé ibẹ̀ ń pè wọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Sàró, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1854, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ní Gáńbíà sì ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní.

Bí “kú” bá wá pàdé ọ̀rọ̀ tí fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹnu kì í fẹ́ fi ìró méjì tí kò jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ rọra pe “kú àárọ̀”, kí ẹ tún un pè kíákíá. Ẹ ó gbọ́ pé ìró ú ti ran mọ́ à tó tẹ̀ lé e, ó ti di a, ṣùgbọ́n ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Á àkọ́kọ́ nínú “káàárọ̀” ni ú àtijọ́. Àá tó kù jẹ́ ti “àárọ̀” fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ a mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ “káàrọ̀”, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, ti sọ ohùn kan nù. Bákan náà ni “kú àbọ̀” ṣe di “káàbọ̀”, tí “kú alẹ́” sì di “káalẹ́”.

Ìró i nìkan ni kì í borí ú. Òun ló máa ń gbà fún un, tí “kú ilé” fi ń di “kúulé”, tí “kú ìrọ̀lẹ́” sì ń di “kúùrọ̀lẹ́”.

Èyí tó máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ni “ẹ káàsán”. Bí a bá tẹ̀ lé òfin tí mo ṣàlàyé yìí, ó yẹ kí “kú ọ̀sán” di “kọ́ọ̀sán”, kò sì sí ìró a kankan níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwòṣe ló fà á: ìkíni tòwúrọ̀ àti talẹ́ ti ní ìró a, ẹnu sì fa tọ̀sán mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére wa sún kì lọ́nà mìíràn. “Ó di àbọ̀” ni “ó dàbọ̀” tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ó di ìgbà tí a bá padà dé. “Àbọ̀” inú “káàbọ̀” náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé à kan péré ló wà nínú “dàbọ̀”, nígbà tí “káàbọ̀” ní méjì. Ohùn àárín ni “di” ní, ohùn àárín kì í sì í lágbára tó ohùn òkè láti dúró lẹ́yìn tí fáwẹ́lì rẹ̀ bá ti lọ. I bọ́, ohùn rẹ̀ bá a lọ. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ kan náà dán an wò lálẹ́, nígbà tí ẹ bá ń lọ sùn: “ó di àárọ̀” ń di “ó dàárọ̀” pẹ̀lú a méjì, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, “ẹ kú àárọ̀” á di “ẹ káàárọ̀” pẹ̀lú a mẹ́ta.