Èbà Kọ́ Ló Ń Mú Yín Sanra

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Bódìjà wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọn ò fẹnu kan èbà lálẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń sanra sí i. Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà oúnjẹ láti ọdún 17 sẹ́yìn, ohun tí èèyàn ń mu ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í. Wọ́n ní omi ni, àti tíì láàárọ̀, mọ́ọ̀tì kan lọ́sàn-án, àti ìdajì páálí jùúsì dípò èbà.

Mo mú bírò. Tíì wọn gba hóró ṣúgà mẹ́rin, ààbọ̀ agolo mílíìkì àti ṣíbí ńlá mẹ́ta ìyẹ̀fun kòkó: bíi kálórì 300. Mọ́ọ̀tì jẹ́ 170, jùúsì jẹ́ 220. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ 700, tó jẹ́ ti gààrí gbígbẹ 200 gíráàmù. Èbà kan ni wọ́n fi sílẹ̀, èbà méjì ni wọ́n ń mu.

Èbà á sì jókòó síkùn. Ohun mímu kì í pẹ́ níbẹ̀, a ò jẹ ẹ́ lẹ́nu, ebi ò gbọ́ pé nǹkan kan wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ yí ìgò mọ́ọ̀tì wò. Tí ẹ bá rí ṣúgà 13 gíráàmù, ti 100 mìlílítà ni. 330 ló wà nínú ìgò. Gíráàmù 43 lẹ ń gbé mì, tó ju hóró ṣúgà mẹ́jọ lọ. Mọ́ọ̀tì kì í pani bí ọtí nítorí pé wọn ò jẹ́ kó kan: ṣúgà tí ì bá di ọtí ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ń fúnni lẹ́jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Aboyún kan wá sọ́dọ̀ wa tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí kò yẹ kó wálẹ̀ ju 30 lọ. A fún un ní oògùn ayọ́nù. Oníkẹ́míìsì àdúgbò rẹ̀ ní kó jù ú nù, kó máa po mọ́ọ̀tì méjì pọ̀ mọ́ mílíìkì lójoojúmọ́. Ayọ́nù ló ń di ẹ̀jẹ̀, kò sì sí èyí tó tó nǹkan nínú àpòpọ̀ yẹn. Mílíìkì gan-an kì í jẹ́ kí ara gba ayọ́nù inú oúnjẹ dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti fi kílò márùn-ún sanra. Inú ìyá ọkọ rẹ̀ ń dùn pé ẹ̀jẹ̀ ti wọlé. A yẹ̀ ẹ́ wò: 22. A dá a padà sórí oògùn, a ní kó máa fi omi ọsàn tó fún fúnra rẹ̀ gbé e mì, láìfi ṣúgà sí i. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí ẹ̀jẹ̀ náà tó pé 31, nígbà tí ìkúnlẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin péré.