Ọkọ kọ́ ni alágbẹ̀dẹ ń tà

Ẹ bá mi wo gbólóhùn kékeré kan tó yẹ kó wà lára pátákó alágbẹ̀dẹ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́: A n ta oko ati ada nibi. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbọ́ pé ó yẹ kí Yorùbá ní àmì, ló bá fi tirẹ̀ sí i: A ń tà ọkọ àti àdá níbi. Ohun tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí ni pé wọ́n ń ta ọkọ ìyàwó pọ̀ mọ́ àdá. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní “ẹni tó bá kà á á mọ ohun tí a ní lọ́kàn.” Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ gbogbo àmì náà kúrò. Ẹni tó ń ka ohun tí kò ní àmì á fi làákàyè wá ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní àmì, ńṣe ló máa gbà á gbọ́.

Àmì abẹ́ lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ tí a kò so pọ̀, e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé. Oko wà, ọkọ́ wà. Kò sí “ọko”, kò sí “okọ”. Bí ẹ bá rí àmì lábẹ́ ọ̀kan tí èkejì ṣófo, akọ̀wé pátákó ti gbàgbé ọ̀kan nìyẹn. Àmọ́ ẹ má gbé òfin yìí lọ bá ọ̀rọ̀ tí a so pọ̀, bí akọ̀wé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yìí.

Ó wá kan ohùn. Ọ̀rọ̀ orúkọ onísílébù méjì tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kò ní ju orin mẹ́fà lọ, torí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ kì í gba ohùn òkè. Ẹni tó bá kọ “ílé” kò tilẹ̀ tíì gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí ẹ kì í ṣì pè: ọmọ, ọwọ́, ọjà, ìka, ìwé, ọ̀nà. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú gbé orin ọ̀rọ̀ tí ẹ ń yẹ̀ wò, kí ẹ wo èyí tó bá dọ́gba. Ohun tí alágbẹ̀dẹ rọ bá ọwọ́ mu: ọkọ́. Ti ìyàwó bá ọmọ mu: ọkọ. Èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Oǹdó bá ọjà mu: ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ń jù lójú ogun bá ọ̀nà mu: ọ̀kọ̀. Àdá bá ìwé mu, ọ̀rọ̀ náà “àti” sì bá ìka mu. Níbí sì ni, kì í ṣe níbi. “Níbi” ń dúró de nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, bíi níbi iṣẹ́.

Ó ku tà, tó ń da àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé láàmú jù. Wọ́n á ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n á rí tà, wọ́n á sì kọ tà. Ìwé náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tó dá dúró ló kọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn rẹ̀ á bọ́ sí àárín: rà, ṣùgbọ́n ra ẹran, kà, ṣùgbọ́n ka ìwé, sè, ṣùgbọ́n se ẹ̀wà. Arọ́pò orúkọ kì í mú un yí: rà á, kà á, sè é. Bí àbọ̀ bá sì ti lọ síwájú, ohùn ìsàlẹ̀ náà ló kù: “Kí ni ẹ ń tà?” Ẹ má wá máa yọ àmì kúrò lórí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe o. Rí kò yí padà nínú rí owó.

Ń inú “a ń ta” jẹ́ sílébù fúnra rẹ̀, ohùn òkè ni. N inú Oǹdó náà jẹ́ sílébù, ti ìsàlẹ̀ ni. N ìparí “kan” kì í gba àmì rárá, fífi imú pe fáwẹ̀lì ló ń tọ́ka sí. Gbólóhùn wa wá di: A ń ta ọkọ́ àti àdá níbí.

Bó ti tọ́ lórí fóònù yín kò ní kó tọ́ lára bánà. Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún ọ́ nínú kọ̀ǹpútà: ọ dá wà, àmì ohùn dá wà, fọ́ǹtì ló ń so wọ́n pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ iṣẹ́ yìí á fi àpótí ṣófo síbẹ̀, tàbí kó jẹ́ kí àmì fò sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú á wá pa á rẹ́, tàbí kó fi àmì ìdánudúró gbé e sábẹ́ o. Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tẹ gbólóhùn náà sórí pépà nínú fọ́ǹtì tí wọ́n máa lò gan-an. Bí àmì kan bá sọnù, fọ́ǹtì ni kí wọ́n pààrọ̀, kí wọ́n má fi ọwọ́ yà á.