Ibi tí àyè dúdú ti wá lójú tẹlifíṣọ̀n wa

Nígbà tí a so yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin, ayàwòrán gbé kámẹ́rà rẹ̀ ní ìbú bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, nígbà tí a gbé ojú fóònù sórí tẹlifíṣọ̀n kí àwọn àgbà lè rí fídíò náà, àyè dúdú yí i ká lápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí férémù. Ìyá mi rò pé tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Ìtàn méjì ló pàdé níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1892, W. K. L. Dickson, òṣìṣẹ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà, gé fíìmù tó fẹ̀ tó mílímítà 35, ó sì jẹ́ kí ìbú àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin sí òòró mẹ́ta. Ìwọ̀n yìí ni tẹlifíṣọ̀n jogún, òun náà ni àwọn ará Ìbàdàn wò nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Lẹ́yìn tí àwọn onísinimá ti fẹ ojú àwòrán tiwọn ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Kerns Powers, to àwọn ìwọ̀n náà léra wọn láàárín ọdún 1980 sí 1989, ó sì rí i pé 16 sí 9 ló bá gbogbo wọn mu jù. Ìyẹn ni tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ ń lò títí dòní.

Fóònù ní tirẹ̀ tẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Láti 2017 ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gùn ju 16 sí 9 lọ, kí ojú wọn lè pọ̀ sí i láì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ; tèmi jẹ́ 20 sí 9, píkísẹ́ẹ̀lì 2400 sí 1080. Bí mo bá dà á sí ìbú, fídíò yẹn, tó jẹ́ 16 sí 9, gba 1920 nínú 2400, ó sì fi 240 sílẹ̀ ní àyè dúdú lápá kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ pé àyè lásán nìyẹn. Gbogbo ojú fóònù ló ń gbà. Ó fún 2400 pọ̀ di 1920 tó jẹ́ ìbú tirẹ̀, gíga wá di 864 nínú 1080, àyè 108 sì ṣẹ́ kù lókè àti nísàlẹ̀. Fídíò fúnra rẹ̀ kò ju 1536 sí 864 lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìka méjì fẹ fídíò náà lórí fóònù. Àyè ẹ̀gbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún àwòrán náà bá a lọ, títí kan ṣónṣó orí gèlè ìyàwó, àyè òkè àti ìsàlẹ̀ kò sì kúrò. Orí tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kí a ti fẹ̀ ẹ́, níbi tí a bá rí Zoom, nítorí ní ìlọ́po 1.25 dúdú nìkan ni yóò gé. Èyí tó tún dára jù ni kí a tẹ Cast inú áàpù tí a fi ń wo fídíò náà, tó ń fi fídíò fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ dípò ojú fóònù, tàbí kí a kó o sínú fúláàṣì. Fúláàṣì la lò. Ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n pátápátá.

Fídíò kúkúrú tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó fi fóònù yà ní òòró, 9 sí 16, ló ṣẹ́ kù. Lórí tẹlifíṣọ̀n 1920 sí 1080, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 608 lọ. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ kún ojú, kò ní ku tó ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀, ojú ìyàwó tàbí lálì ọwọ́ rẹ̀ nìkan la ó rí. A fi àyè dúdú náà sílẹ̀.