Mo fọ́n oògùn káàkiri ilé, aáyán ò tán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé. Oṣooṣù ni mò ń fọ́n oògùn sí gbogbo ilé ìdáná, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, àwọn aáyán kéékèèké yìí á tún ti kún ibẹ̀. Ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n ń tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kúulé o, mà. Ó ṣeé ṣe kí oògùn náà dára, kó jẹ́ pé kì í débi tí wọ́n ń gbé. Ẹ kọ́kọ́ wo irú aáyán náà. Èyí tó tóbi, tó pupa, tó ń ti ihò omi ìdọ̀tí jáde lálẹ́, ìta ló ti ń wọlé. Bí ẹ bá fi ìdérí oníhò wẹ́wẹ́ bo ihò náà, ọ̀ràn tiẹ̀ á fúyẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ní ìlà dúdú méjì lẹ́yìn orí, inú ilé gan-an nìyẹn ti ń bímọ. Aáyán Jámánì ni wọ́n ń pè é. Inú páálí ọjà tàbí fíríìjì àlòkù ló sábà máa ń bá wọlé.

Abo rẹ̀ máa ń gbé àpò ẹyin rẹ̀ sídìí kiri, ọgbọ̀n sí ogójì ẹyin nínú ẹyọ kan, títí wọ́n á fi fẹ́ pa. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó pa, oògùn fífọ́n kì í sì ráyè wọ inú àpò yẹn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ilé yín fi ń kún padà ní ìwọ̀n àkókò kan náà. Àwọn tó pọ̀ jù sì wà nínú kọ̀rọ̀ tóóró tí èéfín oògùn ò dé. Òmíràn tí oògùn kàn, ó ti mọ́ ọn lára, kò pa á mọ́. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina dán àwọn agolo tó ń da èéfín oògùn kún gbogbo yàrá wò nínú ilé tí èèyàn ń gbé. Iye aáyán ò dín kù. Nínú àwọn ilé tí wọ́n ti lo jẹ́ẹ̀lì, ìyẹn oògùn tí aáyán máa ń jẹ bí oúnjẹ, ó dín kù.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n ṣe? Ṣé kí n máa wò wọ́n ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí a ṣe ṣe é ní fúláàtì kan ládùúgbò yín níbẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Ìyá ilé náà gbà pé inú kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ni gbogbo wọn wà, ibẹ̀ ló sì ń fọ́n oògùn sí jù. A fi páálí onígọ́ọ̀mù mẹ́fà sílẹ̀, a kọ nọ́ńbà sára wọn, a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, torí etí ògiri ni aáyán ń tọ̀. Lẹ́yìn òru mẹ́ta, a ka 43 lẹ́yìn fíríìjì, 11 lábẹ́ síǹkì, 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, 4 nídìí garawa ìdọ̀tí. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, 2 péré. Lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀, kò sí.

Ohun tó fà mí lójú jù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn 43 yẹn jẹ́ ọmọ kéékèèké tí kò tíì ní ìyẹ́. Ọmọ aáyán kì í rìn jìnnà síbi tí wọ́n bí i sí. A fa fíríìjì síwájú, a rí i: ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi sì wà nínú abọ́ kékeré tó ń gba omi tó ń kán sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ, ìyẹn ni odò wọn. Aáyán yìí lè pẹ́ gan-an láìjẹun, ṣùgbọ́n kì í lè fara da àìsí omi bẹ́ẹ̀.

A da omi náà nù, a fọ ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ sítóòfù kúrò, a kó àwọn páálí ọjà tó ti kóra jọ síta, púlọ́ḿbà sì pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ tó ń jò lábẹ́ síǹkì. Ọ̀rá yẹn ṣe pàtàkì, torí bí aáyán bá ní oúnjẹ mìíràn, kò ní fẹnu kan jẹ́ẹ̀lì. Ihò tí páìpù gbà wọ ilé aládùúgbò, a fi sìmẹ́ńtì dí i. Àlàfo mílímítà mẹ́ta tó aáyán àgbà kọjá, ọmọ ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n ń gbé gan-an, a ò tíì dí i. Ó yẹ kí wọ́n jẹ oògùn tán ná.

Lẹ́yìn náà la wá fa jẹ́ẹ̀lì inú abẹ́rẹ́ jáde. Bí hóró ìrẹsì ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ogún ẹyọ, púpọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò dé, díẹ̀ lábẹ́ síǹkì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. A ò fi ọ̀kan sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Èyí tó bá jẹ ẹ́ á padà lọ kú sílé, àwọn ọmọ á jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ àti òkú rẹ̀, oògùn á sì mú àwọn náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, 9 ló kù lẹ́yìn fíríìjì. Lọ́sẹ̀ kẹrin, àwọn ọmọ tuntun yọ bí mo ṣe retí. A pààrọ̀ jẹ́ẹ̀lì, torí atẹ́gùn ọyẹ́ ti gbẹ èyí àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ẹyọ kan péré, àgbà, lábẹ́ síǹkì. Ojú sìmẹ́ńtì tó ti sán ló gbà wọlé. Aládùúgbò wọn, ará Kano, ní òun náà ń bá kyankyaso, ìyẹn aáyán lédè Hausa, jà láti ìgbà tí òun ti kó dé. Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ní ààlà nìyẹn: bí ẹ bá jọ ni ògiri pẹ̀lú ẹlòmíràn, ilé méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Wọ́n jọ ṣe é.

Ìbéèrè: Bí wọn ò bá jẹ jẹ́ẹ̀lì náà ńkọ́? Mo ṣì ní Ọ̀tápíàpíà nílé.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fọ́n ọn. Oògùn tí wọ́n sábà ń bá nínú rẹ̀ lè mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ọmọdé, kí ọmọlójú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, kó má lè mí dáadáa. Bí ẹ bá rí àmì yẹn, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fọ́n ọn sítòsí jẹ́ẹ̀lì, aáyán á máa sá fún ibẹ̀, jẹ́ẹ̀lì yín ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí jẹ́ẹ̀lì ò dín, ẹ wò ó bóyá ó ti gbẹ, tàbí bóyá ẹ ti fi ọṣẹ nu ibẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e súnmọ́ ibi tí páálí onígọ́ọ̀mù ti mú ọmọ jù. Bí wọn ò bá tún jẹ ẹ́, ẹ ra ti iléeṣẹ́ mìíràn. Àwọn aáyán Jámánì kan wà tó máa ń sá fún ṣúgà gúlúkóòsì tí wọ́n ń fi dẹ wọ́n.

Ẹ fi páálí méjì sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn fíríìjì, ọ̀kan lábẹ́ síǹkì, kí ẹ máa wò wọ́n lóṣooṣù. Ibi tí ọmọ kan bá ti lẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi jẹ́ẹ̀lì sí.