Àwòrán àpótí

Àwòrán àpótí ni àwòrán tí wọ́n fi ń to ẹgbẹ́ òǹkà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé ìṣirò, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn. Onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, John Tukey, ló sọ irú rẹ̀ tí a ń lò lónìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Bí a bá to òǹkà láti orí èyí tó kéré jù, èyí tó bọ́ sí àárín gan-an ni iye àárín. Òun ni ìlà tó dábùú inú àpótí. Ìdá kan nínú mẹ́rin òǹkà wà nísàlẹ̀ àpótí, ìdá kan wà lókè rẹ̀, ìdajì tó kù sì wà nínú rẹ̀. Àpótí tó gùn kò túmọ̀ sí pé òǹkà inú rẹ̀ pọ̀. Ó fi hàn pé wọ́n fọ́n káàkiri ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í kà.

Fún àpẹẹrẹ, ká ní ẹnì kan ń wọ dáńfó láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Ìdúmọ̀tà, tó sì kọ iye ìṣẹ́jú tó lò sílẹ̀ fún ọjọ́ 11 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ó rí 25, 28, 30, 32, 35, 38, 42, 50, 55, 62 àti 70 ní ọ̀nà Afárá Èkó. Ní ọ̀nà Afárá Kátà, ó rí 36, 38, 40, 41, 42, 43, 44, 45, 46, 48 àti 75.

Iye àárín ti Afárá Èkó jẹ́ 38, ti Kátà sì jẹ́ 43. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní Afárá Èkó ló yá jù. Ṣùgbọ́n àpótí Afárá Èkó bẹ̀rẹ̀ láti 30 dé 55, gígùn rẹ̀ jẹ́ 25. Ti Kátà bẹ̀rẹ̀ láti 40 dé 46, gígùn rẹ̀ kò ju 6 lọ. Ẹni tí kò gbọdọ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ yóò rí i pé Kátà ló ṣeé gbọ́kàn lé.

Láti mọ iye tó yà sọ́tọ̀, a ó fi ìlọ́po 1.5 gígùn àpótí kún etí òkè rẹ̀, a ó sì yọ iye kan náà kúrò ní etí ìsàlẹ̀. Òǹkà tó bá kọjá ààlà méjèèjì yìí ló yà sọ́tọ̀. Ti Kátà lókè jẹ́ 46 + 9 = 55, nítorí náà 75 di àmì kóńkó tó dá dúró. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lórí àpótí náà dúró ní 48, kò dé 55, torí pé orí òǹkà gidi ló máa ń parí sí. Ààlà Afárá Èkó jẹ́ 55 + 37.5 = 92.5, ìdí nìyẹn tí 70 kò fi yà sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ìfọ́nká ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ohun tó ṣàjèjì nínú rẹ̀. Yíyàsọ́tọ̀ kò sì sọ 75 di àṣìṣe: ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ bàjẹ́ lórí afárá, ẹni tó ń ka àwòrán náà ló yẹ kó wádìí rẹ̀ kó tó pa á rẹ́.

Àwòrán yìí kì í fi bí òǹkà inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó hàn. Bí òǹkà bá sì kó jọ sí ibi méjì, bí ìrìn òwúrọ̀ kùtù àti ti ìgbà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àpótí yóò bo àlàfo àárín wọn mọ́lẹ̀, àfi bí a bá fi àmì kóńkó òǹkà kọ̀ọ̀kan lé e lórí.