Pátánì Tí A Gbàgbé Lórí Fóònù: Kí Ló Ń Lọ, Kí Ló Ń Kù?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, màmá kan tó ń ta kaṣú gbé fóònù rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi nítòsí ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ọmọ mi, bá mi ṣí i, àmọ́ má jẹ́ kí fọ́tò ọmọ-ọmọ mi lọ o." Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ló yí pátánì rẹ̀ padà, nítorí àwọn ọmọ ilé ti mọ ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ìka ló fi ń ṣí i, kò tún ya pátánì tuntun náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́rú, fóònù ní òun ò gba ìka mọ́, àfi pátánì. Pátánì náà sì ti fò lọ lórí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Màmá, ṣé ẹ ti pa fóònù yìí láti àná?" Ó ní rárá. Ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní LAUTECH ní kó pa á kó tún un tàn, àmọ́ ó ń retí ìpè oníbàárà kan láti Ìbàdàn, ìyẹn ni kò fi pa á. Inú mi dùn gan-an, nítorí ohun tí a máa rí gbà nínú fóònù náà wà lórí ìdáhùn yẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀kùn lásán ni pátánì, pé ẹni tó bá mọ ọ̀nà ẹ̀yìn á gba ibẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni fún fóònù òde òní. Gbogbo fóònù tó jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú Áńdírọ́ọ̀dù 10 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ló ń yí ohun inú rẹ̀ padà sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, pátánì yín sì wà lára kọ́kọ́rọ́ tó ń tú u. Bí ẹ bá pa fóònù tí ẹ tún un tàn, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí nínú rẹ̀ mọ́, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀ àmọ́ wọ́n wà ní títì. Ìgbà tí ẹ bá ya pátánì lẹ́ẹ̀kan ni kọ́kọ́rọ́ tó jáde, yóò sì wà lọ́kàn fóònù títí tí ẹ óò fi tún pa á. Ó dà bí ìyàtọ̀ láàárín ìsọ̀ tí onísọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ sínú tó ń ṣiṣẹ́ lọ, àti èyí tí onísọ̀ ti pa, tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sóko. Láti ìta, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí tiyín jẹ́? Ẹ fi fóònù ẹni tí ẹ ti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ pè é. Bí orúkọ bá yọ, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà lásán bá yọ, ó ti kú tó tún jí, kò sì lè ka ìwé orúkọ yín. Ọmọ màmá yìí pe fóònù náà níwájú mi, orúkọ rẹ̀ yọ gbàgàdà.

Kí n tó sọ ohun tí a ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí ìka ṣì ń ṣí fóònù wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàgbé pátánì. Ẹ má fọkàn balẹ̀. Fóònù ń ka wákàtí 72 láti ìgbà tí ẹ ya pátánì kẹ́yìn. Bí ó bá pé, ó di dandan kí ẹ ya á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá nìyẹn: alẹ́ Àìkú sí alẹ́ Ọjọ́rú. Bí bátìrì bá kú, kò ní dúró de wákàtí 72 rárá. Bí ìka bá kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún, yóò ní kí ẹ dúró díẹ̀. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀ 20, pátánì ló máa bèèrè. Ẹ ò sì lè fi ìka yí pátánì padà, nítorí ti àtijọ́ ló kọ́kọ́ ń bèèrè. Ẹ fi í sórí ṣájà, ẹ fi ìka ṣí i, ẹ wọ WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ tẹ Back up. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ da fọ́tò sínú rẹ̀. Ẹ tún wo inú ìwé orúkọ, kí ẹ kó àwọn nọ́ńbà tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni wọ́n wà lọ sórí Gmail. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣe é.

Ìka màmá ò ṣiṣẹ́ mọ́ ní tiwa. Àmọ́ fóònù tí ojú rẹ̀ tì tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ kò dá iṣẹ́ dúró. Google Photos lè máa kó fọ́tò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, WhatsApp náà lè ṣe bákọ́ọ̀pù lóru, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣí ojú fóònù, bí a bá ti tan nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó sábà ń dí i lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa ni pé Google Photos máa ń dúró de wáífáì, dátà tí a rà ni ọ̀pọ̀ wa sì ń lò látòwúrọ̀ dalẹ́. Ọ̀pọ̀ fọ́tò ti wà lórí ìlà fún oṣù mẹ́fà, wọn ò rí wáífáì wọ̀. Ọmọ màmá ní máífáì kan ní yàrá rẹ̀, fóònù náà sì ti so mọ́ ọn nígbà ọdún Iléyá. Mo ní kó gbé fóònù lọ síbẹ̀, kó ra dátà sórí máífáì náà, kó fi fóònù sórí ṣájà mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́tìnì tí a fi ń pa á.

Ní ọjọ́ kejì, a fi fóònù ọmọ náà wọlé sí àkáǹtì màmá. Ní photos.google.com, a rí fọ́tò títí di èyí tí màmá yà ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ní contacts.google.com, nọ́ńbà 214 wà níbẹ̀. Ní drive.google.com, lábẹ́ Storage, a tẹ Backups, a rí i pé WhatsApp ti ṣe bákọ́ọ̀pù ní òru yẹn. Màmá wo fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ kí n tẹ̀síwájú.

Wíwọlé sí àkáǹtì yẹn kì í ṣe fún fọ́tò nìkan. Láti Áńdírọ́ọ̀dù 5.1 ni fóònù tí a nù láìgba inú Settings ti máa ń bèèrè pátánì àtijọ́ tàbí àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí olè má bàa jẹ èrè. Ẹni tó bá nù ún láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà Gmail rẹ̀ á wulẹ̀ ti ibi ìṣòro kan bọ́ sí òmíràn. Bí ẹ bá ní láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà, ẹ dúró fún wákàtí 24 kí ẹ tó nu fóònù. Bí Google bá ń fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́, ẹ yọ síìmù sínú fóònù mìíràn láti gbà á, àmọ́ lẹ́yìn tí bákọ́ọ̀pù bá ti parí ni o, nítorí àwọn fóònù kan wà tí ẹ ò lè yọ síìmù wọn láìpa wọ́n.

Àwọn ọ̀nà mìíràn ńkọ́? Ìpìlẹ̀ kan wà tí mi ò lè fojú fò: oríṣi pátánì tó ṣeé yà lórí ojú mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ 389,112, bí ẹ bá sì ṣi yà léraléra, fóònù á máa mú kí ẹ dúró pẹ́ síi. Ìméfò ò wúlò. "Forgot pattern?" tó ń gba Gmail dípò pátánì wà lórí Áńdírọ́ọ̀dù 4.4 sísàlẹ̀ nìkan. Samsung tó ní One UI 6 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ló ní àánú díẹ̀: láàárín wákàtí 72 tí ẹ yí pátánì padà, ó ń jẹ́ kí ẹ lo ti àtijọ́. Bí fóònù màmá bá jẹ́ irú rẹ̀, tó sì wá ní ọjọ́ Ajé, ohun kankan ì bá má sọnù. Lórí android.com/find, ẹ lè tì í tàbí kí ẹ nù ún láti òkèèrè, àmọ́ títì níbẹ̀ kì í yí pátánì tó wà nílẹ̀ padà.

Ohun tó kù fún wa ni kí a nù ún. Mo yọ mẹ́mọ́rì káàdì, mo pa fóònù, mo di bọ́tìnì ìgbóhùnsókè àti ti iná mú pọ̀ títí àkọlé fi yọ, mo fi ti ìsàlẹ̀ rìn dé Wipe data/factory reset, mo fi ti iná yàn án, lẹ́yìn náà Reboot system now. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung tuntun, ó gbọ́dọ̀ so mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà kí ibẹ̀ tó ṣí. Mẹ́mọ́rì káàdì náà ṣí nínú fóònù ọmọ rẹ̀, nítorí a kò tíì sọ ọ́ di ara ibi ìpamọ́ fóònù. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, káàdì náà ìbá ti di ohun tí a ò lè kà mọ́.

Ohun kan dun màmá, ó sì dun èmi náà. Bákọ́ọ̀pù Google fún fóònù gan-an, èyí tó ń kó àtẹ̀jíṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìpè àti nǹkan inú áàpù pamọ́, pátánì ni wọ́n fi tì í láti Áńdírọ́ọ̀dù 9. Nígbà tí fóònù ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó sọ pé bákọ́ọ̀pù wà, ó sì ní kí a ya pátánì fóònù àtijọ́. Ẹni tó gbàgbé pátánì ti gbàgbé ti bákọ́ọ̀pù náà. A fo ibẹ̀. Fọ́tò wà, nọ́ńbà wà, WhatsApp padà nítorí kì í ṣe pátánì ló fi ń ti tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ ló ń béèrè, bí ẹ bá tan ìdáàbòbò bákọ́ọ̀pù rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì lọ, ohùn tó gbà sílẹ̀ nígbà ìpàdé ẹgbẹ́ lọ, àti orúkọ àwọn tó ra kaṣú láwìn tó kọ sínú ìwé kékeré orí fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á ṣí irú fóònù yìí láìjẹ́ kí nǹkan kan lọ, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi fọ́tò kan láti inú rẹ̀ hàn yín kí ẹ tó sanwó. Nínú fóònù tó ti kú tó tún jí, kì í rí i.

Nípa àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, mo ní kí màmá lọ gba àkọsílẹ̀ owó oṣù mẹ́ta ní báńkì rẹ̀. Ó gbà á ní ọjọ́ Ajé, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ owó kaṣú kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí kò tíì san.