Owó tó ṣẹ́kù kọ́ ni owó tí a fi pamọ́

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan wò. Àdéhùn ni pé a ó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ 20 láàárín oṣù 12. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká pín owó iṣẹ́ náà sí ìpín 100. Kànga kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín 5. Nígbà tí oṣù 12 pé, wọ́n kọ sínú ìjábọ̀ ìparí iṣẹ́ pé: "A ná 90, a fi 10 pamọ́." Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Ṣùgbọ́n kànga 16 péré ló parí. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba 80 ló ti gba 90. Wọn kò fi kọ́bọ̀ pamọ́. Wọ́n ná ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ àwọn tí mo ń kọ́ pé kí wọ́n má ya ojú ewé owó sọ́tọ̀ kúrò lára ojú ewé iṣẹ́. Kí ohun tí a pinnu, ohun tí a ṣe àti ohun tí a ná wà lórí ìlà kan náà.

90 yẹn gan-an kì í ṣe iye ìkẹyìn. Ẹ bi akápò bóyá gbogbo ìwé owó ti wọlé. Ẹni tó ta ẹ̀rọ tó ń fa omi lè máà tíì gba owó rẹ̀ tán, a sì lè di díẹ̀ mú nínú owó agbaṣẹ́ṣe títí a ó fi rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Bí gbèsè wọ̀nyí bá jẹ́ 4, iye ìkẹyìn di 94.

Kànga tó parí tún yàtọ̀ sí kànga tó ń mú omi wá. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, 13 nínú 16 ló ṣì ní omi. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ fi 13 yìí pamọ́ nítorí ìtìjú. Lójú tèmi, òun gan-an ló yẹ kó wà lókè ìjábọ̀.

Inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Bí mo bá rí "ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ túbọ̀ máa gbọ́ ara wọn yé" nínú ìjábọ̀, mo máa ń fa igi lé e, torí kò sẹ́ni tó lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹ béèrè ohun tó fà á tí kànga mẹ́ta fi gbẹ, kí àwọn tó ṣiṣẹ́ náà tó túká. Ìgbà òjò ni wọ́n gbẹ́ mẹ́ta tó gbẹ wọ̀nyẹn, nígbà tí omi inú ilẹ̀ sún mọ́ òkè, ibi tí omi ti kọ́kọ́ yọ ni wọ́n sì ti dúró. Ẹ̀kọ́ tó wúlò á kà báyìí: kí ìwé àdéhùn tó ń bọ̀ sọ pé agbaṣẹ́ṣe kò ní gba owó ìkẹyìn àfi bí a bá ti fa omi kànga náà wò lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó ku kànga mẹ́rin tí kò parí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ wọn ṣe àti ọjọ́ tí yóò gbà á. Bí kò bá sí ẹni náà, ẹ kọ ọ́ ketekete pé a ti fagi lé wọn.